Ímeèlì tí ẹ máa kọ lẹ́yìn ìpàtẹ ọjà

Ìpàtẹ ọjà parí ní Akúrẹ́ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ẹ ká tábìlì nílẹ̀, ẹ palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ sì délé pẹ̀lú káàdì rẹpẹtẹ nínú báàgì. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, púpọ̀ nínú àwọn tó fún yín ní káàdì wọ̀nyẹn ò ní rántí ojú yín mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe fọ́ńté. Ìsọ̀ tí àwọn náà yà kò lóǹkà, ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣọ̀ọ́ sì ń sọ jọra wọn. Ohun tí èèyàn kì í tètè gbàgbé ni ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rò. Òun gan-an ló yẹ kí ímeèlì yín kọ́kọ́ mú wá sí ìrántí rẹ̀.

Nítorí náà, ìdí ìsọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ẹ yí káàdì rẹ̀ dojú dé, kí ẹ kọ ohun tó ń dùn ún, iye ọjà tó dárúkọ àti ohun tó ní òun fẹ́ rí. Káàdì tó ń dán kì í gba bírò, ṣe ni yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ mú mákà tẹ́ẹ́rẹ́ dání. Bí ẹ ò bá ní mákà, ẹ fi fóònù ya káàdì náà, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún sínú fóònù kí ẹlòmíràn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè, tí sítọ́ọ̀ rẹ̀ sì wà ní Akúrẹ́. Ọkùnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ aṣeṣokoléètì kan ní Ìbàdàn ra ọjà dúró ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó bu kòkó sọ́wọ́, ó mì ín létí, ó gbọ́ bó ṣe ń ró wọ́jọ́wọ́jọ́, ó ní, “Èyí gbẹ.” Ó wá ṣàròyé pé ẹni tó tà fún àwọn kẹ́yìn náà búra pé kòkó òun gbẹ, àfìgbà tí àwọn tú àpò tí àwọn rí i pé àárín rẹ̀ ti bu. Ó ní tọ́ọ̀nù kan ni àwọn máa kọ́kọ́ rà bí àwọn bá rí èyí tó dáa, ṣùgbọ́n ojú òun ni yóò kọ́kọ́ rí ọjà. Ohun tí ìyá yìí kọ sẹ́yìn káàdì kò ju èyí lọ: “Àpò bu. Tọ́ọ̀nù 1. Fẹ́ rí ọjà.”

Ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ sí ọkùnrin yìí ni pé inú àwọn dùn láti pàdé rẹ̀, pé ilé iṣẹ́ àwọn ti pẹ́ lẹ́nu òwò, pé ojúlówó ọjà ni àwọn ń tà, pé kó má ṣe jìnnà sí àwọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹni tó bá kà á lè ṣe. Yóò ní “ó dáa,” yóò sì kọjá lọ. Ẹ wò ó bí ìyá náà bá kọ ọ́ báyìí:

“Kòkó Ìdànrè, kílò 1 fún àyẹ̀wò (ìpàtẹ Akúrẹ́)

Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ni mo wà nídìí ìsọ̀ kòkó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ní ìpàtẹ ọjà Akúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ mi kòkó mi létí, ẹ sì sọ fún mi pé èyí tí ẹ rà kẹ́yìn ti bu láàárín àpò.

Àpò 16 tó jẹ́ kílò 62.5 lọ́kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan tí ẹ dárúkọ. Mo wọn omi inú rẹ̀ lánàá, ìdá 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Mo fẹ́ fi kílò kan ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ là á wò fúnra yín. Bí mo bá gbé e sọ́kọ̀ Ìbàdàn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orúkọ ta ni kí n kọ sí i lára, nọ́ńbà wo sì ni kí dírẹ́bà pè?”

Lẹ́yìn èyí, orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì sítọ́ọ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Ó parí. Bí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí bá jẹ́ ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì; ètò rẹ̀ kò yí padà.

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ máa kọ sí àyè Subject. Ojú fóònù kò gbà ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ níbẹ̀, ìdí nìyí tí orúkọ ọjà fi ṣáájú tí ìpàtẹ fi gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ “Ẹ káàárọ̀ sà” síbẹ̀, tàbí tí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, kò ní rí i mọ́ nígbà tó bá fẹ́ wá a lóṣù tó ń bọ̀. Ní ti ìkíni, kódà bí ìyá yìí bá lè bí ọkùnrin náà lọ́mọ, “ẹ” ni kó lò. “Ọmọ mi” dára nídìí ìsọ̀, nínú ìwé òwò tí ọ̀gá rẹ̀ lè kà, kò bójú mu.

Ibi tí ìwé yìí ti lágbára jù ni 7.1 yẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti lè dójú ti ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí kòkó bíbu ti dá lóró ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, omi ló sì ń mú kòkó bu: bó bá ti kọjá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, àpò a máa móoru, funfun a bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára hóró. Àwọn tó ń rà fún òkè òkun kì í fẹ́ kó ju 7.5 lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà yìí ni ìdáhùn sí àròyé rẹ̀, ó sì sàn ju kí ẹ búra fún un lọ, torí ẹni àkọ́kọ́ náà ti búra. Ṣùgbọ́n ara àpò 16 yẹn ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Kòkó tí ẹ gbé lọ síbi ìpàtẹ, èyí tí ẹ ṣà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹ bá sì fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ tí tọ́ọ̀nù kan bá dé Ìbàdàn ni àṣírí yóò tú.

Ẹ fi irin oníhò gún ó kéré tán àpò mẹ́fà nínú 16, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì, torí àpò tó bá jókòó sórí siménti láìsí pákó lábẹ́ a máa fa ọ̀rinrin. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọn kílò kan. Kílò kan tó bẹ́ẹ̀ ó tún ṣẹ́ kù: hóró kan máa ń wọ̀n tó gíráàmù kan tàbí kó lé díẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sì jẹ́ 300 hóró tí wọ́n máa là gbọọrọ sí méjì láti wo inú wọn. Èyí tó kù, wọ́n á yan án, wọ́n á tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ la 300 nílé. Kí kòkó tó lè wà ní ìpele kìíní, èyí tó dára jù, bíbu inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn hóró mẹ́sàn-án nínú 300. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá, ẹ má tíì kọ ímeèlì yẹn. Ẹ ṣa èyí tó bu kúrò, ẹ tún ìyókù sá, ẹ tún un là.

Ẹ ó rí i pé ìwé náà kò béèrè bóyá ó nífẹ̀ẹ́ sí ọjà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ rí i, kí la tún ń bi í sí? Orúkọ àti nọ́ńbà la béèrè, ohun tó lè fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ nígbà tó dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ nídìí ìsọ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè kí ẹ tó fi ẹrù ránṣẹ́ sí èèyàn.

A kò dárúkọ owó. Iye kòkó ń tẹ̀lé ọjà àgbáyé, ó lè yí padà kí kílò kan yẹn tó dé gáréèjì, ohun tí ẹ bá sì kọ sílẹ̀ ni wọ́n máa mú mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá béèrè, ẹ sọ ọ́, kí ẹ fi kún un pé ó wà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ báyìí.

Fọ́tò kan tó, ti hóró tí ẹ là tí inú rẹ̀ hàn dáadáa. Gmail kì í gba ẹrù tó ju 25 MB lọ, ṣùgbọ́n tipẹ́ kó tó di ìyẹn ni ìwé pẹlẹbẹ oníójú ogún yóò ti gbé dátà ẹni náà mì. Ẹ má sì kó orúkọ gbogbo ẹni tó fún yín ní káàdì sí àyè To lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á rí ara wọn, ẹni tó rò pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ á wá mọ̀ pé ìpolówó ni.

Ọjọ́ Ajé lọ́sàn-án tàbí Ìṣẹ́gun láàárọ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí èsì kan bá wọlé ní ìṣẹ́jú kan tó ń sọ “Address not found”, kì í ṣe òun ló kọ̀ yín, àdírẹ́sì lẹ kọ ṣì. Ẹ tún káàdì wò bóyá l kékeré lẹ pè ní 1, tàbí o lẹ pè ní 0.

Bó bá dákẹ́, ẹ fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ẹ ṣí èyí tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Reply lórí rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ lè wà lábẹ́, ẹ sì mú nǹkan tuntun wá dípò “mo ní kí n tún rán yín létí ni sà.” Bí àpẹẹrẹ: “Mo la 300 lánàá, mẹ́rin ló bu. Kílò kan náà ṣì wà ní dídì, ọkọ̀ tún ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.” Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà lára káàdì, Wásáàpù kan ṣoṣo tó sọ pé ẹ ti kọ ímeèlì, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ sọ pé ẹ ó ta àpò náà fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì tà á lóòótọ́.

Bó bá dáhùn pé ó di ìgbà tí kòkó bá jáde dáadáa, ẹ kọ oṣù sẹ́yìn káàdì yẹn. Nǹkan bí oṣù kẹwàá ni ìkórè ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ tún tẹ Reply lórí ìwé àtijọ́ náà, kí ẹ sọ ọjọ́ tí kòkó tuntun máa gbẹ tán. Bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ fi iye omi rẹ̀ ránṣẹ́ níbẹ̀ kan náà.