Yíyan òdiwọ̀n nínú kuíkìsọ́ọ̀tì

Kuíkìsọ́ọ̀tì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà to nǹkan láti orí èyí tó kéré jù lọ dé orí èyí tó tóbi jù lọ. A ó mú ẹyọ kan nínú ohun tí a fẹ́ tò, a ó fi gbogbo ìyókù wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kéré sí i yóò lọ sí apá òsì, àwọn tó tóbi jù ú yóò lọ sí apá ọ̀tún. Ẹyọ tí a mú yẹn ti bọ́ sí àyè rẹ̀ nìyẹn, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà a ó ṣe bákan náà fún apá òsì àti apá ọ̀tún, a ó sì máa pín wọn lọ títí kò fi ní sí apá kankan tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ tí a fi ń pín ìyókù ni a ń pè ní òdiwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kò sọ èwo ni kí a fi ṣe òdiwọ̀n. Èyíkéyìí tí a bá mú, nǹkan náà yóò tò. Bí yóò ṣe pẹ́ tó ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Tony Hoare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ronú kan ọ̀nà yìí nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìjọba ní Mọ́síkò, ní nǹkan bí 1959 sí 1960. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì. Orí téèpù ni ìwé atúmọ̀ èdè wà nígbà náà, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti tò ní álífábẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yí téèpù láti wá ìtumọ̀ wọn. Ó tẹ ọ̀nà náà jáde ní 1961. Nínú ìtẹ̀jáde yẹn, ṣe ni ó ní kí a mú òdiwọ̀n láìwò, níbikíbi tí ọwọ́ bá bà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tẹ̀ lé èyí, wọ́n gbà pé mímú ti iwájú rọrùn jù.

Káàdì 13 lórí tábìlì

Ẹ mú káàdì súpéèdì 13 jáde nínú páàkì, kí A dúró fún 1, kí J, Q àti K dúró fún 11, 12 àti 13. Ká ní wọ́n dà rú báyìí:

```
8  3  K  5  A  J  6  Q  2  10  7  4  9
```

A fi ti iwájú, ìyẹn 8, ṣe òdiwọ̀n. A fi káàdì 12 tó kù wé e. Apá òsì gba 3, 5, A, 6, 2, 7 àti 4; apá ọ̀tún gba K, J, Q, 10 àti 9. Ní òsì, 3 ló wà níwájú, ó pín mẹ́fà tó kù sí A àti 2 lọ́wọ́ kan, 5, 6, 7 àti 4 lọ́wọ́ kejì. Ní ọ̀tún, K ló wà níwájú. Òun ló tóbi jù níbẹ̀, nítorí náà kò pín nǹkan kan: káàdì mẹ́rin tó kù wọ́ lọ sí òsì rẹ̀ lápapọ̀. Tí a bá bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé òpin, tí a sì ń ka iye ìgbà tí a fi káàdì kan wé òmíràn, yóò jẹ́ 31.

Ìgbà tó kéré jù tó lè ṣẹlẹ̀ fún káàdì 13 ni 28, nígbà tí gbogbo òdiwọ̀n bá bọ́ sí àárín gẹ́ẹ́. Nítorí náà 31 dára púpọ̀, bí K tilẹ̀ já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá kó káàdì kan náà, kí ẹ tò wọ́n láti A dé K, kí ẹ sì fún ọ̀nà yìí kan náà pé kó tò wọ́n. Òdiwọ̀n àkọ́kọ́ ni A. Kò sí káàdì tó kéré sí i, gbogbo 12 tó kù ló lọ sí ọ̀tún. Òdiwọ̀n kejì ni 2, 11 ló kù tí a ó fi wé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 3, pẹ̀lú 10. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, káàdì kan péré ló ń kúrò nílẹ̀. Àròpọ̀ 12, 11, 10 títí dé 1 jẹ́ 78, kò sì sí bí ó ṣe lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó ti parí kí a tó bẹ̀rẹ̀ ló wá gba wá lákòókò jù. Bó bá sì jẹ́ láti K wá sí A ni wọ́n tò, 78 náà ni.

Lórí káàdì 13, ìyàtọ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Pẹ̀lú odindi páàkì 52 tí gbogbo rẹ̀ ti tò, 1,326 ni yóò jẹ́, nígbà tí èyí tó dà rú dáadáa máa ń gbà nǹkan bí 273. Bí iye nǹkan bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ èyí tó burú á di ìlọ́po mẹ́rin. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn lórí kọ̀ǹpútà: ẹ fún un ní ìlọ́po méjì dátà, kí ẹ wo bóyá àkókò rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ ni, tàbí ó di mẹ́rin. Dátà tó ti tò tẹ́lẹ̀, tàbí tó kù díẹ̀ kó tò, kò sì ṣọ̀wọ́n rárá. Orúkọ àwọn oníbàárà tí wọ́n tò lánàá, tí wọ́n fi tuntun mẹ́ta kún nídìí lónìí, ni ohun tí a sábà máa ń ní kí kọ̀ǹpútà tò.

Kò dìgbà tó bá bọ́ sí àárín gẹ́ẹ́

Èèyàn lè ní kí a kúkú wá káàdì tó wà láàárín gẹ́ẹ́ ká tó pín. Ọ̀nà láti ṣe é láìkọ́kọ́ to gbogbo wọn wà: Blum, Floyd, Pratt, Rivest àti Tarjan gbé e jáde ní 1973. Àmọ́ wíwá a gan-an gba iṣẹ́ tó pọ̀ débi pé àǹfààní rẹ̀ kì í tó ohun tí a ná lé e lórí, a kò sì nílò rẹ̀. Nínú káàdì 13, bí òdiwọ̀n bá jẹ́ èyíkéyìí láti 4 dé 10, apá tó pọ̀ jù kò ní ju 9 lọ. Méje nínú 13 nìyẹn. Ẹni tó bá mú káàdì láìwò ti ní ju ìdajì àǹfààní lọ láti mú èyí tó pín nǹkan dáadáa, bó bá sì kùnà lẹ́ẹ̀kan, á tún mú òmíràn ní ìpele tó tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí mímú láìwò fi dára tó bẹ́ẹ̀. Fún káàdì 13, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 37, yálà káàdì ti tò tàbí kò tò. 78 ṣì lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe to káàdì sílẹ̀ tó lè fa á. Àfi kí ọwọ́ máa bà káàdì burúkú léraléra. Èyí ni bí a ṣe lè kọ ọ́ ní Páítọ̀nù:

```python
import random

def to(kaadi):
    if len(kaadi) < 2:
        return kaadi
    odiwon = random.choice(kaadi)
    kere = [k for k in kaadi if k < odiwon]
    dogba = [k for k in kaadi if k == odiwon]
    tobi = [k for k in kaadi if k > odiwon]
    return to(kere) + dogba + to(tobi)
```

Ìlà `dogba` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ká ní káàdì 13 tí a mú jẹ́ 7 nìkan, láti inú páàkì oríṣiríṣi. Bí apá méjì péré bá wà, tí gbogbo èyí tí kò kéré sí òdiwọ̀n ń lọ sí ọ̀tún, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò máa kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún bá 78 pàdé. Kò sí ọgbọ́n yíyan òdiwọ̀n tó lè gbà wá níbẹ̀, nítorí káàdì kan náà ni gbogbo wọn. Apá kẹta, tó ń gba àwọn tó bá òdiwọ̀n dọ́gba, ló yanjú rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré, gbogbo 7 ti dé àyè wọn.

Ti àárín, mẹ́ta, àti mẹ́sàn-án

Àwọn tí kò fẹ́ mímú láìwò, bóyá nítorí wọ́n fẹ́ kí ìtò náà rí bákan náà ní gbogbo ìgbà, máa ń mú káàdì tó wà ní àárín òkìtì. Èyí wo àrùn káàdì tó ti tò sàn: láti A dé K, 7 ló wà láàárín, ó sì pín ìyókù sí mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀nà kejì ni kí a wo ti iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn, kí a fi èyí tí kò kéré jù tí kò sì tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe òdiwọ̀n. Lórí nǹkan tó dà rú, èyí máa ń dín ìfiwéra kù ní nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí iye nǹkan bá pọ̀.

Òkìtì kan wà tó ń dá ọ̀nà méjèèjì yìí dúró. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1991, Allan Wilks àti Rick Becker rí i pé `qsort`, ètò tí èdè C fi ń to nǹkan, tó yẹ kó parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nọ́ńbà tí wọ́n fún un ń gun òkè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi káàdì oríṣi méjì tò ó, ẹ ó rí i:

```
A  2  3  4  5  6  7  6  5  4  3  2  A
```

Ti àárín jẹ́ 7, òun ló tóbi jù lọ. Tí a bá sì wo mẹ́ta, A, 7 àti A ni, nítorí náà A ni òdiwọ̀n, òun ló kéré jù lọ. Bí a ti ń bó o ni ó ń rí bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tó kù lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan ṣì ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Jon Bentley àti Doug McIlroy tún `qsort` kọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1993. Bí nǹkan bá ju 40 lọ, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wò: ìdì mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta, kí a mú ti àárín nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, kí a tún mú ti àárín nínú mẹ́ta yẹn. Ká ní a kọ 1 dé 26, tí a sì tún sọ̀ láti 26 dé 1, sẹ́yìn káàdì 52. Ìdì iwájú mú 1, 7 àti 13, ó fún wa ní 7. Ìdì àárín mú 21, 26 àti 20, ó fún wa ní 21. Ti ẹ̀yìn mú 13, 7 àti 1, ó fún wa ní 7. Nínú 7, 21 àti 7, òdiwọ̀n ni 7. Káàdì 12 kéré sí i, 38 tóbi jù ú. Kì í ṣe àárín, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ẹyọ kan kan.

Wíwo mẹ́sàn-án kò pa ewu náà tán. Ní 1999, McIlroy fi hàn pé a lè mú kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kuíkìsọ́ọ̀tì èyíkéyìí falẹ̀ bó bá jẹ́ pé alátakò ló di káàdì mú. Káàdì òfìfo ló dà bojú dé sílẹ̀. Ìgbà tí ètò náà bá béèrè èwo ló tóbi nínú méjì ni ó tó pinnu nọ́ńbà tí yóò kọ sí wọn, ó sì máa ń rí i dájú pé èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n di ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù lọ. Mímú láìwò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìbéèrè.

David Musser ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1997, tí kò dá lórí yíyan rárá. Ètò tirẹ̀ ń ka ìpele tí ìpín ti wọlé dé. Páàkì 52 tó ń pín dáadáa kò yẹ kó jìnnà ju ìpele mẹ́wàá lọ. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ètò náà gbà pé òdiwọ̀n ń kùnà, ó fi kuíkìsọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó sì fi ọ̀nà títò mìíràn, hípùsọ́ọ̀tì, parí apá tó kù, èyí tí kì í ní ọjọ́ burúkú bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ `std::sort` inú C++ ń lò.