Kánsù 57, owó 20: ìbéèrè lórí ìjọba ìbílẹ̀ Èkó

"Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ogún ni Èkó ní, ṣùgbọ́n alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n ń dìbò yàn. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Méjèèjì ni. Ìwé òfin ọdún 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà sílẹ̀ lórúkọ lórúkọ. 774 ni gbogbo wọn tá a bá ka mẹ́fà ti Àbújá mọ́ ọn, Èkó sì ní 20 níbẹ̀. Nígbà ìṣàkóso Gómìnà Bọ́lá Tinúbú ni ìpínlẹ̀ Èkó pín 20 náà sí 57, kánsù tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní kò bófin mu, ó sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ó ní Ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú. Ó tún ní òfin tí Èkó ṣe kò tíì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ àwọn kánsù tuntun sínú ìwé òfin. Ni Èkó bá padà sí 20, ó sì pe 37 yòókù ní kánsù onídàgbàsókè. Àwọn ni wọ́n ṣì ń dìbò fún, títí kan ìbò oṣù Keje ọdún 2025.

"Orúkọ lásán ni wọ́n ní kí wọ́n kọ. Kí ló wá le níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Owó ni. Nínú gbogbo náírà 100 tó bá kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀, 40 ni wọ́n ń pín dọ́gbadọ́gba, ì báà jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ńlá tàbí kékeré. Iye èèyàn ló ń gba 30, ìyókù ń tẹ̀lé ilẹ̀, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pa àti ètò amáyédẹrùn. Alímọ̀ṣọ́, ọ̀kan lára 20 ti Èkó, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sí, kò gba ju ẹyọ kan lọ nínú ìpín dọ́gbadọ́gba yẹn. Ìkànìyàn yẹn kan náà kò fi Èkó àti Kánò jìnnà síra, ṣùgbọ́n Kánò ní 44, wọ́n sì ti yọ Jígáwá kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 1991, èyí tó ní 27 tirẹ̀. Tí 37 ti Èkó bá wọlé, ìpín ìpínlẹ̀ yòókù yóò dín. Àwọn tí ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn rán lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ gan-an ni yóò sì dìbò sí i. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ Èkó ni, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gé oúnjẹ ìlú rẹ̀ kù.

"Èmi ń gbé Àyọ̀bọ́. Ǹjẹ́ pípín tí wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà ṣe wá láǹfààní?"

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, kì í ṣe owó gidi. Ká ní mílíọ̀nù 300 náírà wọlé fún Alímọ̀ṣọ́ lóṣù kan, tí owó oṣù olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì gbé 180 nínú rẹ̀. Ó ku 120. Tó bá jẹ́ kánsù kan ṣoṣo ló wà, tí alága, igbákejì rẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀, akọ̀wé àti ọkọ̀ wọn ná 12, iṣẹ́ ìlú yóò rí 108. Ní kánsù mẹ́fà, 20 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kánsù kọ̀ọ̀kan bá tún ná 12 sórí àwọn olóyè tirẹ̀, 8 ló ṣẹ́kù fún un. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà, 48 ni. Mílíọ̀nù 60 ti bá ipò lọ láàárín oṣù kan.

Àmọ́ àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìkòtún àti Abúlé-Ẹ̀gbá jìnnà síra. Alága tó ń gbé Àyọ̀bọ́ mọ gọ́tà tó kún, ẹ sì lè bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ láìwọ ọkọ̀ méjì. Ibi tí ọjà ńlá bá wà, irú Ìkòtún, kánsù lè fi owó ìsọ̀ àti ti gáréèjì bọ́ àwọn olóyè rẹ̀. Ibi tó jẹ́ ilé gbígbé lásán, Àbújá ni yóò máa wò. Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún kánsù tuntun nìyẹn: ṣé owó tó ń pa níbẹ̀ tó san owó oṣù alága?

"Ìsọ̀ mi wà lójú títì tó pín kánsù méjì. Àwọn méjèèjì ló ń mú ìwé owó wá. Ta ni kí n san fún?"

Ẹ̀gbẹ́ títì tí ìsọ̀ yín wà ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ààlà wọ́ọ̀dù ní kánsù méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fi àdírẹ́sì ìsọ̀ yín wá a. Tí ìwé méjèèjì bá pe ẹ̀gbẹ́ kan náà ní tiwọn, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì pa pọ̀, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì èyí tẹ́ ẹ ti san sí i, torí owó ìsọ̀ kan kò yẹ kó jẹ́ méjì lọ́dún kan.

Tó bá jẹ́ pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ inú ìwé òfin ni wọ́n fẹ́ yí, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú ibi tó ń béèrè àti ibi tí yóò pàdánù ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ṣe é. Ti ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tún le ju ìyẹn lọ: àwọn ará àdúgbò náà gbọ́dọ̀ dìbò fún un, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà, kí ọ̀pọ̀ kánsù ìpínlẹ̀ náà àti ilé aṣòfin rẹ̀ tún gbà lẹ́yìn ìyẹn.

"Ilé ẹjọ́ ti ní kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣé kánsù onídàgbàsókè náà á rí tirẹ̀ gbà?"

Kì í ṣe tààrà. Ìdájọ́ oṣù Keje ọdún 2024 dá lórí ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin mọ̀. Orúkọ Àyọ̀bọ́-Ìpàjà kò sí níbẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ ló wà. Òfin ìpínlẹ̀ ló ń sọ bí ìyá yóò ṣe pín in fún ọmọ, tó bá sì di ọjọ́ tí alága ìyá bá kọ̀, òfin yẹn nìkan ni alága Àyọ̀bọ́-Ìpàjà lè dì mú nílé ẹjọ́.