Owó-Oṣù Tí A Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀: Níbo Ni Èrè Rẹ̀ Ti Ń Wá?

Ẹbí tó ní nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú àgbàlagbà ní Ìlú Ọba kò ṣọ̀wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, ìwé kan á ti ibi iṣẹ́ ẹni náà dé: "Fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó-oṣù rẹ, àwa ó fi san owó ìfẹ̀yìntì fún ọ." Ẹni tó gba ìwé náà á fi ránṣẹ́ sílé, kí ẹ̀gbọ́n tó mọ ìṣirò bá a wò ó bóyá kì í ṣe gbájú-ẹ̀.

Kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Pàṣípààrọ̀ owó-oṣù ni: òṣìṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí i pé kí owó-oṣù òun wálẹ̀, ọ̀gá á sì fi nǹkan mìíràn dí i: owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀, tàbí ìtọ́jú ọmọ. Kò dà bí ìgbà tí wọ́n ń yọ owó lára owó-oṣù o. Owó-oṣù fúnra rẹ̀ ló dínkù láti inú ìwé àdéhùn. Èrè kankan kò sì sí níbẹ̀ àfi tí ìjọba bá ń gba nǹkan kan lórí owó-oṣù, tí kì í gbà lórí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tí ìyẹn kò bá sí, a kàn kó owó láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì ni.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan tó ń gba £30,000 lọ́dún ní ilé ìtọ́jú aládàáni kan lọ́hùn-ún. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dá fún ìfẹ̀yìntì, ìyẹn £1,500. Tí wọ́n bá kàn ń yọ owó yìí lára owó-oṣù rẹ̀, kò ní san owó-orí lórí rẹ̀, ìyẹn ti gbà á lọ́wọ́ £300, nítorí 20% ni owó-orí ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń san owó Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ń san fún ìjọba lórí owó-oṣù, lọ́tọ̀ sí owó-orí. 8% ni tirẹ̀ lórí £1,500 náà: £120. Tó bá wá gbà kí owó-oṣù rẹ̀ di £28,500, kí ọ̀gá máa dá £1,500 náà bí owó ọ̀gá, £120 yẹn á kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Èrè ọ̀gá tilẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. 15% ni ọ̀gá ń san fún Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì lórí owó òṣìṣẹ́, nítorí náà £225 ló bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lórí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn á kó gbogbo rẹ̀ sápò láìsọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n tó ń ka ìwé náà kọ́kọ́ wá nìyẹn: mélòó nínú £225 ló ń padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́? Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba wọn kéde pé láti oṣù Kẹrin 2029, £2,000 àkọ́kọ́ lọ́dún nìkan ni ìdásílẹ̀ kúrò nínú Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì yìí yóò máa kàn. Ti nọ́ọ̀sì yìí kò tó bẹ́ẹ̀, kò ba tirẹ̀ jẹ́.

Ohun tó lè bà á jẹ́ ni oyún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ìsinmi ìbímọ níbẹ̀, 90% owó tí obìnrin ń gbà lọ́sẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san fún un, owó tí àdéhùn ti dínkù yẹn ni wọ́n sì máa fi ṣírò. £1,500 lọ́dún jẹ́ nǹkan bí £28.85 lọ́sẹ̀. 90% rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń lọ sí £156. Ẹni tó fẹ́ jèrè £120 ti pàdánù £156. Obìnrin tó ń retí ọmọ ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀gá máa dá £1,500 náà lọ nígbà tí òun bá wà nílé, torí ìyẹn lè tún un ṣe.

Owó tó kéré jù lọ tí òfin gbà kí ọ̀gá san náà jẹ́ ògiri. Láti oṣù Kẹrin 2026, £12.71 ni fún wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó ń ṣe wákàtí mẹ́tàdínlógójì àbọ̀ lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní nǹkan bí £24,785 lọ́dún. Olùtọ́jú tó ń gba £25,000 kò lè fi ju £215 sílẹ̀. Tí wọ́n bá gba 5%, ìyẹn £1,250, lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá ló rú òfin.

Ti ìtọ́jú ọmọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fáọ́ṣà ìtọ́jú ọmọ tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń sọ, èyí tí ọ̀gá ń fún òṣìṣẹ́ dípò díẹ̀ nínú owó-oṣù kó lè fi san owó ìtọ́jú ọmọ, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tuntun láti oṣù Kẹwàá 2018. Àkáǹtì tí ìjọba fi ń fi £2 kún £8 tí òbí bá san fún olùtọ́jú ọmọ ló wà báyìí, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fífi owó-oṣù sílẹ̀.

Tí a bá wá gbé e wá sílé, ó yí padà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán 8%, kí ọ̀gá dá 10%, lórí owó-oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a pa pọ̀. Owó-orí kò kan 8% yẹn tẹ́lẹ̀, kò sì sí Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì tí òṣìṣẹ́ ń san. Ọ̀gá tó bá ní òun fẹ́ ṣe ti ìfẹ̀yìntì "bíi ti òyìnbó" kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó-orí òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló yẹ ká ṣọ́. Ká ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń san ₦150,000 lóṣù, tí ₦15,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ọkọ̀. Ọ̀gá ní òun ti ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé òṣìṣẹ́ láti Tákíè, kí wọ́n fi ₦15,000 sílẹ̀. Nínú owó yẹn, òṣìṣẹ́ ń dá ₦1,200 fún ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní 2026, owó-orí ìpele tó wà jẹ́ 15%, ìyẹn ₦2,070 lórí ₦13,800 tó kù. ₦11,730 ló ń dé ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ń ná ₦600 lójúmọ́ lórí Márúwá fún ọjọ́ méjìlélógún, ₦13,200 ni. Ó dà bíi pé bọ́ọ̀sì fún un ní ₦1,470.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wò. ₦1,200 tirẹ̀ ti lọ, 10% ti ọ̀gá lórí owó ọkọ̀ náà ti lọ, ₦1,500. ₦2,700 ló pàdánù lóṣù, ó ju ₦1,470 lọ. Àfi tí owó Márúwá rẹ̀ bá ju ₦14,430 lọ lóṣù ni bọ́ọ̀sì tó ń jèrè fún un. Ẹni tó ń ti ìlú kejì wá lójoojúmọ́ lè gbà á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibi iṣẹ́, kó ṣírò dáadáa. Fún ẹni tó ń gba bíi ₦70,000 lóṣù, èrè tún kéré sí i, torí owó-orí kò kàn án rárá: ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí. ₦13,800 ló ń dé ọwọ́ tirẹ̀ nínú ₦15,000.

Ọ̀gá tó bá fẹ́ ṣe é láìrẹ́ni jẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun yóò ṣì máa dá 10% lórí owó àtijọ́, ₦150,000. Òfin kò ní kó má dá ju èyí tó pọn dandan lọ. Kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó máa san owó Márúwá lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ tàbí tí epo bá wọ́n.