Yíyí aréè sí ọ̀tún pẹ̀lú ìyísódì mẹ́ta

Yíyí aréè sí ọ̀tún pẹ̀lú ìyísódì mẹ́ta jẹ́ ìlànà kan nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí a fi ń ti gbogbo ẹyọ inú aréè sí apá ọ̀tún ní ìwọ̀n ipò `k`, láì ya àyè mìíràn sọ́tọ̀ fún un nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Aréè ni àwọn ẹyọ tí a tò tẹ̀léra wọn, tí a sì fún ní nọ́ńbà ipò láti 0 títí dé `n - 1`, níbi tí `n` ti jẹ́ iye gbogbo wọn. Ẹyọ tí kò bá ríbi lọ mọ́ ní ìparí aréè yóò padà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí aréè bá jẹ́ 1 2 3 4, tí a sì yí i sí ọ̀tún ní ipò kan, 4 1 2 3 ni yóò dà.

Ohun tí ìlànà yìí ń ṣe kò ju kí a yí aréè sódì lọ, ìyẹn ni pé kí ẹyọ àkọ́kọ́ bọ́ sí ìparí, kí èyí tó wà ní ìparí bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó tẹ̀lé wọn náà gba ipò ara wọn, títí a ó fi pàdé láàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń ṣe é. A kọ́kọ́ yí aréè náà sódì látòkè délẹ̀, lẹ́yìn náà a yí ẹyọ `k` àkọ́kọ́ sódì, ká tó wá yí gbogbo èyí tó kù sódì.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú aréè ẹlẹ́yọ mẹ́jọ, ká sì yí i sí ọ̀tún ní ipò mẹ́ta. Ìlà àkọ́kọ́ ni bí aréè ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmì tó dúró lóòró fi ibi tí apá méjèèjì ti pínyà hàn.

```
12 25 31 40 58 | 63 77 90
90 77 63 | 58 40 31 25 12
63 77 90 | 58 40 31 25 12
63 77 90 | 12 25 31 40 58
```

Ìlà kejì ló yẹ kí a tẹjú mọ́ jù lọ. Lẹ́yìn ìyísódì àkọ́kọ́, 63, 77 àti 90 ti dé iwájú, níbi tó yẹ kí wọ́n wà, àwọn márùn-ún yòókù náà sì ti bọ́ sẹ́yìn. Apá kọ̀ọ̀kan ti dé àyè rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé ètò inú apá kọ̀ọ̀kan ti dorí kodò. Ìyísódì kejì àti ìkẹta kò gbé ẹyọ kankan kúrò ní apá tó wà, wọ́n kàn ń dá ètò inú rẹ̀ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni. Bí a bá yí ohun kan sódì lẹ́ẹ̀mejì, á padà sí bó ṣe wà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbí yìí sì ni a yí lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo aréè, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú apá tirẹ̀.

A lè fi ìṣirò ipò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹyọ tó wà ní ipò `i` máa ń bọ́ sí ipò `n - 1 - i` lẹ́yìn ìyísódì àkọ́kọ́. Bí ibi tó bọ́ sí bá ṣì wà nínú ẹyọ `k` àkọ́kọ́, ìyísódì kejì á gbé e lọ sí `i + k - n`. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìyísódì kẹta á gbé e lọ sí `i + k`. Ipò méjèèjì yìí gan-an ni yíyí sí ọ̀tún ń béèrè: kí ẹyọ sún ní `k`, kí a sì yọ `n` kúrò bó bá ti kọjá ìparí. Nínú àpẹẹrẹ wa, 77 wà ní ipò 6. Bí a bá fi 3 kún un, a dé 9, a yọ 8 kúrò, ó ku 1. Ipò 1 náà ni 77 wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ní èdè Python, kóòdù rẹ̀ kò gùn:

```python
def yi_sodi(a, i, j):
    while i < j:
        a[i], a[j] = a[j], a[i]
        i += 1
        j -= 1

def yi_si_otun(a, k):
    n = len(a)
    if n == 0:
        return
    k %= n
    yi_sodi(a, 0, n - 1)
    yi_sodi(a, 0, k - 1)
    yi_sodi(a, k, n - 1)
```

Ìlà `k %= n` ń wá àṣẹ́kù nígbà tí a bá fi `n` pín `k`. Yíyí aréè ẹlẹ́yọ mẹ́jọ ní ipò mẹ́jọ ń dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ipò 11 kò yàtọ̀ sí ipò 3. Bí a bá gbàgbé ìlà yìí, Python á kígbe pé a ti kọjá ààlà aréè. Ní èdè C, ètò lè máa kọ nǹkan sórí ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan, ìyẹn ló sì léwu jù. Ìlà tó ń wò bóyá `n` jẹ́ 0 gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, torí pé a kò lè fi òdo pín nǹkan.

Ó tún yẹ kí a ṣọ́ra fún `k` tó kéré sí òdo. Python ka `-3 % 8` sí 5, èyí tó tọ́, nítorí yíyí sí òsì ní ipò mẹ́ta àti yíyí sí ọ̀tún ní ipò márùn-ún, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú aréè ẹlẹ́yọ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n C ka ohun kan náà sí -3. Níbẹ̀, `((k % n) + n) % n` la máa ń kọ, tí a bá ti fi `n` sí oríṣi nọ́ńbà tó lè kéré sí òdo.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ àti bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí a kọ `k` níbi tó yẹ kí `k - 1` wà nínú ìyísódì kejì. Àpẹẹrẹ wa á wá parí sí 58 63 77 12 25 31 40 90. Ẹyọ kankan kò sọnù, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàn ka iye ẹyọ tàbí tó ro gbogbo wọn pọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ẹyọ kan tó yẹ kó wà ní ìparí ti ṣáájú, èyí tó sì yẹ kó wà níwájú ti lọ sí ìparí.

Èkejì jẹ mọ́ ètò tí ìyísódì mẹ́ta náà ń tẹ̀ lé. Bí a bá kọ́kọ́ yí ẹyọ `k` àkọ́kọ́ sódì, tí a yí ìyókù sódì, tí a wá fi gbogbo aréè kẹ́yìn, òsì ni aréè yóò yí sí. Àpẹẹrẹ wa á di 40 58 63 77 90 12 25 31. Ìlànà náà pé fúnra rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbogbo aréè kẹ́yìn, tó sì fẹ́ kó lọ sí ọ̀tún, ẹyọ `n - k` àkọ́kọ́ ni kó kọ́kọ́ yí, kó tó yí ẹyọ `k` tó gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló ń tú èyí fó. Bí `k` bá jẹ́ ìdajì `n` gẹ́lẹ́, ọ̀tún àti òsì ń bára mu, àṣìṣe náà kò sì ní hàn. Aréè tí ẹyọ rẹ̀ jọra náà lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ìdánwò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí ẹyọ rẹ̀ yàtọ̀ síra, tí `k` kò sì jẹ́ ìdajì, pẹ̀lú aréè òfìfo, aréè ẹlẹ́yọ kan, `k` tó jẹ́ 0 àti `k` tó ju `n` lọ.

Iye iṣẹ́ tó ń gbà

Ìyísódì ẹyọ mélòó kan ń gba pàṣípààrọ̀ tó jẹ́ ìdajì iye wọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyísódì àkọ́kọ́ gba mẹ́rin, ìkejì gba ọ̀kan, ìkẹta gba méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méje. Iye pàṣípààrọ̀ kì í ju `n` lọ láé, bó ti wù kí `k` tóbi tó. Ẹni tó bá ń sún gbogbo aréè ní ipò kan ṣoṣo, tó sì ń tún un ṣe nígbà `k`, á ṣe nǹkan bí `n` lọ́nà `k`. Fún aréè ẹlẹ́yọ 1,000,000 tí a fẹ́ yí ní 500,000, ìyẹn jẹ́ 500,000,000,000 ìgbésẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ń gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan tààrà lọ sí ipò rẹ̀, tó ń fò láti ipò kan sí èyí tó fi `k` jìnnà sí i, títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí ti ìyísódì, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fífò káàkiri inú ìrántí máa ń dá kọ̀ǹpútà dúró bí aréè bá tóbi, torí pé ẹyọ tó wà nítòsí ara wọn ni kọ̀ǹpútà máa ń kó wá pọ̀. Ìyísódì ń rìn létòlétò láti ìkángun méjèèjì wá sí àárín, kóòdù rẹ̀ sì rọrùn láti kọ láìṣìṣe ju tòun lọ. Ní tòótọ́, ìrọ̀rùn yìí ni àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù.

Ìlò rẹ̀ nínú ìtúnṣe ọ̀rọ̀

Jon Bentley ṣàkọsílẹ̀ pé Ken Thompson kọ kóòdù ìyísódì yìí fún ètò ìtúnṣe ọ̀rọ̀ kan ní 1971, àti pé Thompson fúnra rẹ̀ sọ pé ó ti di ohun tí àwọn tó ń kọ ètò ń sọ fún ara wọn lẹ́nu nígbà yẹn. Brian Kernighan àti P. J. Plauger náà lò ó fún irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1981. Kernighan ròyìn pé kóòdù náà ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, nígbà tí èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà ní àṣìṣe bíi mélòó kan.

Gbígbé ìlà ọ̀rọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ìlà 7 dé 9 lọ sí iwájú ìlà 3, kò sídìí láti fọwọ́ kan ìlà 1, ìlà 2 tàbí ohun tó wà lẹ́yìn ìlà 9. Apá tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 3 tó sì parí ní ìlà 9 nìkan ni a ó yí sí ọ̀tún ní ipò mẹ́ta. 3 4 5 6 7 8 9 á di 9 8 7 6 5 4 3, lẹ́yìn náà 7 8 9 6 5 4 3, níkẹyìn 7 8 9 3 4 5 6.

Bí ẹyọ inú aréè bá jẹ́ báìtì dípò ìlà, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ Yorùbá kíyè sí nǹkan kan. Nínú UTF-8, `ọ̀` sábà máa ń gba báìtì márùn-ún: mẹ́ta fún `ọ`, méjì fún àmì ohùn. Ìyísódì àkọ́kọ́ á da báìtì wọ̀nyí rú, ìyísódì tó kàn á sì tò wọ́n padà, níwọ̀n ìgbà tí ibi tí a ti gé aréè sí méjì kò bá ti bọ́ sí àárín lẹ́tà. Bó bá bọ́ sí àárín, àmì ohùn lè lọ bá lẹ́tà mìíràn, tàbí kí lẹ́tà náà má ṣeé kà mọ́. Títí ìyísódì kẹta yóò fi parí, apá mìíràn nínú ètò kò gbọ́dọ̀ ka aréè náà.

Ibi tí kò ti bá a mu

Ìyísódì nílò kí a lè rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Nínú ìlà àwọn ẹyọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ kìkì èyí tó tẹ̀ lé e, pàṣípààrọ̀ láti ìkángun méjèèjì kò ṣeé ṣe, gígé ìlà náà níbi tó yẹ àti síso ó padà ló yá jù. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú `std::rotate` ti libstdc++, àkójọ kóòdù C++ tó bá GCC wá: bó bá jẹ́ pé ìtọ́ka, ìyẹn ohun tó ń tọ́ka sí ipò ẹyọ kan, lè lọ síwájú kó sì padà sẹ́yìn, àmọ́ tí kò lè fò lọ sí ipò tó bá wù ú, ìyísódì ló ń lò, bó bá jẹ́ iwájú nìkan ni ìtọ́ka lè lọ, ọ̀nà mìíràn tí kò nílò ìpadàsẹ́yìn ló ń gbà.