Kí Ẹ Tó Gbé Bátìrì Sínú Bàálù Tó Ń Lọ Párísì, Ẹ Wọ̀n Ọ́n Ná

Ẹni kẹta tó bi mí lóṣù yìí nípa bàálù tó máa fi bátìrì fò dípò epo nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù oníná ṣe sémíjàn ló gbé bátìrì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Wàndó, níbí ní Àjàṣẹ́, ó ní kì í gbé òun dé ibi tó ń gbé òun dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ṣì ń fi mítà wò ó nígbà tó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti tún bàálù ṣe rí, ìgbà wo ni wọn ó gbé irú èyí sínú bàálù Párísì, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè wálẹ̀?"

Mo ní kó gbé bátìrì náà sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rìnlá. Mo ní, "Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ibo ló ń gbé ọ dé?" Ó ní láti ibí dé Kútọnu, kí òun sì padà, bí èrò ẹ̀yìn kò bá sanra jù. Mo mú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ irin, mo bu ife tíì kan jáde nínú rẹ̀, mo gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Mo ní, "Agbára tó wà nínú ife yìí kò kéré sí èyí tó wà nínú ẹrù tí o gbé wá." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

N kò ṣàwàdà. N kò sì ní ṣàlàyé bí bátìrì ṣe ń gba iná tó sì ń tú u jáde. Ẹ bi ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ìwọ̀n. Yúnítì iná tí kọ̀ǹtọ́ọ̀ ilé yín ń kà, òun náà ni mo máa fi kà á. Kílò kẹrosíìnì kan, epo àtùpà tí ìyá yín mọ̀ dáadáa, ní nǹkan bíi yúnítì 12 nínú. Kílò bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, bí a bá ka àpótí rẹ̀, wáyà rẹ̀ àti ohun tó ń mú un tutù mọ́ ọn, ìdá kan nínú márùn-ún yúnítì ló ní. Ọgọ́ta sí ẹyọ kan nìyẹn.

Ẹni tó mọ nǹkan díẹ̀ á ní ẹ̀ńjìnnì ń fi kẹrosíìnì ṣòfò. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ooru tí ẹ̀ńjìnnì bàálù ńlá ń jó, bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń bá atẹ́gùn lọ. Mọ́tò oníná ní tirẹ̀ ń sọ bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá di iṣẹ́. Mo ti yọ ọ́ fún yín: ọgọ́ta náà wálẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká wá gbé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn gun òkè.

Láti Kútọnu sí Párísì, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ́ábọ́ọ̀sì A330-200 ń jó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 kẹrosíìnì ní wákàtí kan, nítorí náà ó máa jó tọ́ọ̀nù 36 kó tó dé. Bí bátìrì bá máa ṣe iṣẹ́ kan náà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 960 ni. Bàálù náà fúnra rẹ̀, tòun tèrò, tòun tẹrù, tòun tepo, kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 242 lọ nígbà tó bá ń gbéra. Bátìrì nìkan ti tó bàálù mẹ́rin tó kún dẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ n kò tíì ka agbára tí bàálù máa fi gbé bátìrì ọ̀hún. Bátìrì tó gbé bátìrì tó tún gbé bátìrì: ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kò lópin.

Ohun tí àwọn tó ń wo fídíò lórí fóònù kì í rí nìyí, òun ló sì máa ń bí mi nínú jù, nítorí ìdí ẹsẹ̀ bàálù ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún méjìdínlógún tí mo fi ṣiṣẹ́. Kẹrosíìnì ń tán. Bó ṣe ń jó ni bàálù ń fúyẹ́, bó sì ṣe ń fúyẹ́ ni epo tó ń jó ń dín kù. Bàálù tó lè fi tọ́ọ̀nù 242 gbéra, kò gbọdọ̀ fi ju 182 lọ balẹ̀. Ó lè fò lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi í kan ilẹ̀, bí kì í bá ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ara rẹ̀ ni yóò gba ìkọlù náà. Mo ti rí bàálù tó balẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó wúwo jù nítorí aláìsàn kan nínú rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan la fi dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, à ń wo ìdè kọ̀ọ̀kan, à ń wá ibi tí irin ti sán, kó tó lè tún fò.

Bátìrì kì í tán lọ́nà yẹn. Bó ṣe wúwo ní Kútọnu ló ṣe máa wúwo ní Párísì, ó kàn jẹ́ pé òfìfo ló kù nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí bàálù oníbátìrì fi gbéra náà ló máa fi balẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀, irin tó sì le tó bẹ́ẹ̀ ń wúwo. Ó tún di bátìrì míì.

Ẹni kan á ní, "Ó dáa, ẹ fi Párísì sílẹ̀, ibi tó súnmọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó ààbò bàálù ní Yúróòpù fọwọ́ sí bàálù oníbátìrì àkọ́kọ́, Félísì, tí ilé iṣẹ́ Pipisitírẹ́ẹ̀lì ṣe ní Sìlòfẹ́níà. Èèyàn méjì péré ló ń gbé, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́. Bátìrì rẹ̀ méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi kílò 140, iná inú wọn sì tó bíi yúnítì 25. Ẹ ṣírò rẹ̀: kílò méjì kẹrosíìnì péré ni yúnítì 25. Ìgò tí àwọn olówò ẹ̀bá títì fi ń ta payo, méjì ààbọ̀ rẹ̀ ti gbà á tán. Félísì ń fi í fò fún bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bó bá gbéra ní Kútọnu, ó lè dé Lomé. Kò lè dé Paraku.

Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn ni n kò ní jẹ́ kí ẹ fojú fò. Òfin kò gbà kí bàálù gbé ìwọ̀n epo tó máa gbé e débi tó ń lọ nìkan. Ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní èyí tó máa gbé e dé pápá kejì bí ti àkọ́kọ́ bá tì, kó sì tún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lè fi yípo lórí ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ oṣù kìíní, tí ẹ kì í rí òpin afárá ọ̀sà láti orí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi èyí ṣeré. Bàálù tó bá ń lọ Párísì, díẹ̀ ni ìpamọ́ yìí jẹ́ nínú gbogbo epo rẹ̀. Àmọ́ bàálù tí bátìrì rẹ̀ kò kọjá wákàtí kan, ìpamọ́ náà lè jẹ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé bàálù oníná kan lè fò tó irinwó kìlómítà, ẹ bi í bóyá ó ti yọ ìpamọ́ kúrò. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń bi í, ẹ má fowó yín sílẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó ń pariwo háídírójìn. Lóòótọ́, háídírójìn fúyẹ́ dáadáa: kílò rẹ̀ kan ní yúnítì 33, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta kẹrosíìnì. Àyè tó ń gbà ni ìṣòro rẹ̀. Kó tó lè wọnú bàálù ńlá, wọ́n máa ń mú un tutù títí dé dígírì 253 lábẹ́ òdo kó lè di olómi, síbẹ̀ líta rẹ̀ kan kò ju gíráàmù 71 lọ. Ibi tí kẹrosíìnì bá ti gba líta kan, ó máa gba mẹ́rin. Tọ́ọ̀nù 36 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, 45,000 líta kẹrosíìnì ni, tó sùn sínú apá bàálù láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ti háídírójìn jẹ́ nǹkan bíi 180,000 líta, kò sì lè sùn sínú apá, nítorí ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí róbótó, kó ní ògiri méjì bíi fíláàsì tíì, kí òtútù má baà jáde. Ibi tí èrò ń jókòó sí ni ìkòkò náà máa gbà.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Àwọn ará Rọ́ṣíà fi Túpólẹ́fù 155 fò pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1988. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, bàálù elérò mẹ́rin kan fò ju wákàtí mẹ́ta lọ ní Sìlòfẹ́níà kan náà, háídírójìn olómi ló fi ń ṣe iná fún mọ́tò rẹ̀. Àmọ́ Ẹ́ábọ́ọ̀sì, tó sọ ní ọdún 2020 pé tiwọn á jáde ní 2035, ti sún ọjọ́ yẹn síwájú ní 2025.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé orúkọ háídírójìn ti di ohun tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń gbowó lọ́wọ́ yín. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń lọ ata àti ẹ̀wà fún èèyàn pè mí wá wo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ti gba 60,000 fáráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó de ìgò kan tó kún fún omi mọ́ ọn, ó to páálí irin sínú omi náà, ó da sóódà àwọn alóṣẹ sí i, ó sì so ó mọ́ bátìrì mọ́tò tí jẹnẹrétọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ṣáájì. Ó ní omi á máa di háídírójìn, ẹ̀rọ á máa mu omi dípò epo. Mo da líta epo kan sínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìgò, mo wo aago: ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo yọ ìgò náà, mo da líta kan míì: ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Iná tó ń fọ́ omi, inú epo yẹn náà ló ti ń wá, ohun tó sì ń bọ̀ padà kì í tó ohun tó lọ.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é padà o." Ọmọ rẹ̀ dè é padà, nítorí wọ́n ti sanwó. Nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, háídírójìn àti ọ́síjìn ti dàpọ̀ tán, iná ṣáṣá kan ni wọ́n ń dúró dè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ sín nígbà tí ọmọ náà ń fà á kó dá, iná gba inú rọ́bà padà sínú ìgò, ìgò sì bú. Omi sóódà dà sí i lápá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Omi tútù tí ìyá rẹ̀ dà sí i láìdúró títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ni kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ lọ sí i.

Ìsàlẹ̀ ìgò yẹn wà lórí pẹpẹ mi, ẹ lè wá wò ó. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kó tú wáyà rẹ̀ kúrò lórí bátìrì lónìí, kó ṣí ìdérí rẹ̀ níta gbangba níbi tí kò sí iná, kó má sì gbé e wá kí n bá òun tún un ṣe.