Jíjá ìsopọ̀ dátábéèsì tó dákẹ́

Ìsopọ̀ dátábéèsì tó dákẹ́ sábà máa ń já nígbà tí ẹ̀rọ kan tó wà láàárín ọ̀nà, bíi fáyáwọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn sáfà, bá pa àkọsílẹ̀ ìsopọ̀ náà rẹ́ torí pé nǹkan kan ò gba orí rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ètò tó ń lo dátábéèsì kò já a, sáfà dátábéèsì náà kò já a. Ẹ̀rọ àárín ló gbàgbé àwọn méjèèjì.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ ìsopọ̀ TCP kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sínú tábìlì kan: àdírẹ́ẹ̀sì àti pọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì kọjá kẹ́yìn. Àyè tábìlì náà ní ìwọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi gbèdéke sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí a ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú 4 ni ti Azure Load Balancer. Ti NAT gateway AWS jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 350. TCP ní tirẹ̀ kò mọ irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìsopọ̀ ṣì wà láàyè lójú rẹ̀. RFC 5382 ti ọdún 2008 ní kí NAT má ṣe gbàgbé ìsopọ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ kí ìdákẹ́ rẹ̀ tó pé wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4, àmọ́ ó hàn gbangba pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé e.

Ohun tí oníṣẹ́ máa rí dúró lórí ìwà ẹ̀rọ àárín. Òmíràn máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì RST dáhùn nígbà tí a bá tún fẹ́ lo ìsopọ̀ náà, àṣìṣe á sì yọjú lójú ẹsẹ̀. Èyí sàn díẹ̀. Òmíràn kàn ń da pákẹ́ẹ̀tì nù láìsọ nǹkan kan, ibẹ̀ ni wàhálà gan-an wà.

Ká ní ètò kan lórí Linux béèrè nǹkan lọ́wọ́ PostgreSQL ní aago 9:00, tó wá dákẹ́ títí di 9:10, tí ẹ̀rọ àárín sì ti gbàgbé ìsopọ̀ náà ní 9:04. Ìbéèrè tuntun kò dé ibì kankan. Linux á máa fi pákẹ́ẹ̀tì kan náà ránṣẹ́ léraléra, àlàfo á sì máa gùn sí i. Bí `tcp_retries2` bá wà ní 15 tó máa ń wà, ó lè tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú `Connection timed out`. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó ń lo ètò náà á rò pé dátábéèsì ló ń falẹ̀. Lọ́dọ̀ sáfà ẹ̀wẹ̀, `pg_stat_activity` ṣì ń pe ìsopọ̀ náà ní `idle`, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

A lè wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ ètò:

```
ss -tno 'dport = :5432'
```

Bí `timer:(on,` bá hàn tí nọ́ńbà ìgbìyànjú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, pákẹ́ẹ̀tì ń lọ láìrí èsì. Àmì mìíràn ni pé ìjákulẹ̀ náà kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn ìsinmi ló máa ń wá. Ìbéèrè tó gùn náà kò yọ: `SELECT pg_sleep(600)` kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ títí á fi parí, ìdákẹ́ ni ẹ̀rọ àárín kà á sí.

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí TCP máa fi pákẹ́ẹ̀tì òfìfo wò bóyá ẹnìkejì ṣì wà. PostgreSQL ti ń béèrè fún èyí tẹ́lẹ̀, àmọ́ Linux máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7200, ìyẹn wákàtí 2, kó tó fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ìsopọ̀ ti kú tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Fún gbèdéke ìṣẹ́jú 4, a lè kọ èyí sínú `postgresql.conf`:

```
tcp_keepalives_idle = 120
tcp_keepalives_interval = 20
tcp_keepalives_count = 3
```

Yíyí `net.ipv4.tcp_keepalive_time` nìkan kò tó fún ètò tí kò béèrè fún `SO_KEEPALIVE`, nítorí Linux kì í fi pákẹ́ẹ̀tì yìí ránṣẹ́ fún ẹni tí kò béèrè.

Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. HAProxy, fún àpẹẹrẹ, ń gba ìsopọ̀ TCP sọ́wọ́, ó sì ń ṣí òmíràn sí sáfà. Pákẹ́ẹ̀tì òfìfo kò kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀, `timeout client` rẹ̀ kò sì kà á sí iṣẹ́, torí dátà gidi nìkan ló ń kà. Níbẹ̀, a ní láti fa gbèdéke HAProxy gùn, tàbí kí ètò máa fi `SELECT 1` ránṣẹ́ lórí ìsopọ̀ tí kò níṣẹ́. Ìsopọ̀ tí ìbéèrè gígùn ń lọ lórí rẹ̀ kò lè gba `SELECT 1`, fífa gbèdéke gùn nìkan ló kù fún un.