Yìnyín lórí kilíìmù: ṣé gáàsì ló dín kù ni, àbí atẹ́gùn ni kò ráyè kọjá?

Màmá kan tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ níbí, pè mí pé kilíìmù òun, ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tún ti jẹ gáàsì tán. "Ìgbà kẹta rèé láàárín ọdún kan, ọmọ mi. Ṣé bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ nìyẹn?" Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tíì pé ọdún méjì. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kò ju èémí lọ, omi ń kán sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, yìnyín sì ti di funfun lára rẹ̀. Ẹni tó ń bá a tún un ṣe tẹ́lẹ̀ a so mánómẹ́tà mọ́ ọn, á rí i pé ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, á rọ gáàsì sí i, á gbowó, ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ "jẹ" yẹn ló kọ́kọ́ ṣi màmá lọ́nà. Gáàsì kilíìmù kì í ṣe payó tí alùpùpù ń jó. Inú páìpù bàbà tí wọ́n ti dí pa ló ń yí po: ó lọ síta, ó padà wọlé, kì í tán. Bó bá dín kù, ihò wà níbì kan, tàbí kí ẹni tó so páìpù má so ó le. Ìdí nìyẹn tí rírọ gáàsì kò fi sí lára ìtọ́jú ọdọọdún bíi ti pípààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò. Ìtọ́jú ni fífọ asẹ́, fífọ ráàdíátọ̀ inú ilé àti ti ìta, yíyọ ìdọ̀tí ara abẹ́bẹ̀, àti títú ojú ọ̀nà omi.

Bí gáàsì kò bá dín kù ní ṣọ́ọ̀bù màmá, kí ló fa ìfúnpá sílẹ̀ nígbà náà? Ibẹ̀ ni mánómẹ́tà ti ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ.

Nínú ráàdíátọ̀ inú ilé, gáàsì tó ti di olómi máa ń hó. Òtútù ni híhó rẹ̀, nítorí ooru yàrá ló fi ń hó. Ẹ wò ó bí ìkòkò omi lórí ààrò. Bí omi bá pọ̀ nínú ìkòkò tí iná kò sì tó, omi ò ní hó tán. Bó bá sì jẹ́ ife omi kan péré lẹ dà sínú ìkòkò ńlá, omi á gbẹ kíákíá, ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lásán. Nígbà tí asẹ́ tàbí ráàdíátọ̀ bá dí, atẹ́gùn gbígbóná yàrá kò lè kọjá, iná kò tó nìyẹn. Gáàsì tó bá dín kù ni ife omi kan nínú ìkòkò ńlá. Nínú méjèèjì, mánómẹ́tà ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá á sọ pé ìfúnpá lọ sílẹ̀. Mánómẹ́tà nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n ooru ara páìpù ńlá tó ń padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹsọ̀, ẹ̀rọ ìta tó ń ti gáàsì kiri. Mánómẹ́tà ní ìlà kan tó ń sọ ìwọ̀n ooru tí gáàsì fi ń hó ní ìfúnpá tó wà. Ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú ohun tí tẹmọmẹ́tà bá sọ lára páìpù ńlá. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Faransé ń pe ohun tó kù ní sọ̀ṣọ́ọ̀fù. Àlékún ooru ni mo ń pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Lórí kilíìmù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó máa ń wà láàárín 5 sí 10 lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ṣọ́ọ̀bù màmá, gáàsì tí wọ́n ń pè ní R410A ló wà nínú ẹ̀rọ. Ìfúnpá jẹ́ báà 6,2, tó túmọ̀ sí pé gáàsì ń hó ní nǹkan bíi -3°C. Páìpù ńlá jẹ́ -1°C. Àlékún ooru jẹ́ 2 péré. Ìkòkò kún, iná ló kéré. Yìnyín sì tẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ráàdíátọ̀, ó bá páìpù ńlá jáde síta. Nígbà tí mo ṣí i, asẹ́ mọ́ níwọ̀nba, màmá máa ń fọ̀ ọ́. Abẹ́bẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó rí róbótó bí àgbá, ni kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí: fọ́nrán òwú aṣọ àti eruku ọyẹ́ ti dí gbogbo ojú rẹ̀ bí ẹni rẹ́ ilé.

Mo ti rí òdì kejì ní Kétu, nínú yàrá ìgbàlejò bàbá kan, R410A náà ni. Ìfúnpá báà 4,5, ìyẹn nǹkan bíi -11°C. Páìpù ńlá 14°C. Àlékún ooru 25. Yìnyín wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ páìpù tínrín àti ìlà àkọ́kọ́ ráàdíátọ̀ nìkan ló bò; ìyókù gbẹ, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Asẹ́ mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an, kò kàn tutù ni. Ní ìdí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ilé, ọ́ìlì ti rin, eruku pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì a máa bá gáàsì jáde, nítorí náà ibi tó bá rin lẹ ó kọ́kọ́ da omi ọṣẹ sí. Ó hó lójú wa.

Kódà níbẹ̀, rírọ gáàsì ló kẹ́yìn. A tún ẹnu páìpù ṣe, a fi náítírójìn dán an wò, a fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà la wọn gáàsì lórí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí iye tó wà lára pátákó ẹ̀rọ. Mi ò kí í fojú díwọ̀n.

Bí ẹ kò bá ní mánómẹ́tà, ẹ pa ìtutù, ẹ jẹ́ kí abẹ́bẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́ títí yìnyín á fi yọ́, ẹ fọ asẹ́, ẹ tún tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí páìpù tínrín nìkan bá di yìnyín, tí páìpù ńlá kò sì tutù, ẹ fura sí ibi tó ń jò. Bí páìpù ńlá pẹ̀lú bá di yìnyín, tí atẹ́gùn kò sì lágbára, ìdọ̀tí ni kẹ́ ẹ wá. Lórí ẹ̀rọ oní-ínfátà, ẹ ṣọ́ra: kọ̀ǹpírẹsọ̀ rẹ̀ ń yí eré padà fúnra rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

Ráàdíátọ̀ ìta tó dí kì í mú yìnyín wá. Ìfúnpá á lọ sókè ni, kọ̀ǹpírẹsọ̀ á gbóná, á sì máa kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ màmá náà gan-an nìyẹn lẹ́yìn tí mo fọ abẹ́bẹ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ráàdíátọ̀ ìta mọ́. Atẹ́gùn padà, yìnyín yọ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá fò lọ sí báà 10, ẹ̀rọ ìta sì ń kùn bí ẹni gbé ẹrù tó jù ú lọ. Mo fa gáàsì inú rẹ̀ jáde sínú ìgò, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Pátákó sọ pé kílò 0,70. Kílò 0,94 ló jáde. Màmá wo òṣùwọ̀n, ó wò mí, ó ní, "Nígbà náà, kí ni mo sanwó fún lẹ́ẹ̀mejì?"